Wọ́n Ti Ń Wa Wúrà L'Ọ́ṣun, Kí Ló Dé Tí Owó Rẹ̀ Ò Wálẹ̀?

Ní àárín ọdún 2024, màmá kan ní àdúgbò wa, lẹ́bàá Báńdírì ní Ajégúnlẹ̀, pè mí wọlé. Ó tú ìdì aṣọ kékeré kan síwájú mi. Ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà méjì ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n rà fún un nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti dé, ó sì ti ń rò ó bóyá kóun tà wọ́n.

Ó ní, "Ìwọ tó ò ń ka sáyẹ́ǹsì, gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ní wọ́n ti ń wa wúrà ní Ọ̀ṣun báyìí. Wọ́n tún ní wúrà wà nínú fóònù tó ti kú, tí àwọn ọmọ tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ń kó kiri. Ṣé kí n má tètè ta tèmi kó tó di ọ̀pọ̀?"

Mo ní, "Mama, ẹ jẹ́ kí n ro ó dáadáa." Kì í ṣe pé mo fẹ́ sá fún ìbéèrè náà. Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó bá ti gbé Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ tòmátì bá já ẹrù púpọ̀ sọ́jà, kó tó di ìrọ̀lẹ́, apẹ̀rẹ̀ tó wọ́n láàárọ̀ ti di ọ̀pọ̀. Kí ló wá dé tí wúrà ò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀? Mo ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí lórí Wọ́tsáàpù náà. Àwọn kan ń pariwo pé wúrà inú fóònù máa sọ góòlù di yẹpẹrẹ. Àwọn mìíràn ń pariwo pé wúrà ń tán lọ nínú ilẹ̀, nítorí náà kò lè wálẹ̀ mọ́ láéláé. Lójú tèmi, àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n rò pé wúrà tuntun tó ń wọ ọjà lọ́dọọdún ló ń pinnu iye tí à ń ra wúrà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, òdì kejì rẹ̀ ló rí. Owó ló ń pe wúrà jáde, àmọ́ ibi tí wúrà ti ń wá kì í jẹ́ ìpè bákan náà. Ọ̀kan a máa sáré dáhùn, ọ̀kan a máa dáhùn lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ gbọ́ dáadáa.

Wúrà kì í ṣe gàrí

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé a kì í jẹ wúrà tán. Gàrí tí wọ́n kó wá sọ́jà lónìí, a ó ti fi mu omi kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bẹntiróòlù tó wọlé ní èbúté Àpápá, iná ló máa jó o. Ṣùgbọ́n wúrà kì í dípẹtà, kì í jẹrà. Èyí tí wọ́n wà jáde láyé àwọn baba ńlá wa ṣì wà níbì kan, bóyá nínú àpótí báńkì, bóyá ní ọrùn ìyàwó kan ní Íńdíà, bóyá wọ́n ti yọ́ ọ nígbà mẹ́wàá tó ti di nǹkan mìíràn.

Ìgbìmọ̀ Wúrà Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní òpin ọdún 2024, gbogbo wúrà tí ọmọ aráyé ti wà jáde rí jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù 216,000. Ní ọdún yẹn, gbogbo ibi ìwakùsà lágbàáyé pa pọ̀ mú bíi tọ́ọ̀nù 3,660 jáde. Ẹ pín in: kò tó ìdá 2 nínú 100 èyí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ṣọ́ọ̀bù kan tí ọgọ́rùn-ún àpò gàrí wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ nínú rẹ̀, tí wọ́n kàn ń tà á láàárín ara wọn. Lọ́dọọdún, àpò kan àti àbọ̀ tàbí díẹ̀ lé ni ọkọ̀ ń já síbẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ò bá wá lọ́dún kan, ta ló máa mọ̀? Ohun tó máa gbé owó gàrí yẹn sókè tàbí sílẹ̀ ni bóyá àwọn tó ni ọgọ́rùn-ún àpò náà fẹ́ tà tàbí wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Bí wúrà ṣe rí nìyẹn. Láti ọdún 2022 dé 2024, àwọn báńkì àpapọ̀ orílẹ̀-èdè nìkan ń ra ju tọ́ọ̀nù 1,000 lọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn wà lára ohun tó gbé owó sókè, kì í ṣe pé ibi ìwakùsà kankan gbẹ.

Ibi ìwakùsà: ẹni tó ń dáhùn lẹ́yìn ogún ọdún

Ẹ jẹ́ ká wo ti Ọ̀ṣun tí màmá ń sọ. Ṣẹ̀gilọlá lorúkọ ibẹ̀, ní agbègbè Iléṣà. Ọdún 2021, ní oṣù keje, ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ wúrà jáde níbẹ̀, òun sì ni ibi ìwakùsà wúrà ńlá àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lóde òní. Ó tó ọdún márùn-ún láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ni ín ti gbà á kí wọ́n tó rí wúrà àkọ́kọ́. Èyí sì yá gan-an, torí pé àwọn èèyàn ti mọ̀ tipẹ́ pé wúrà wà ní ilẹ̀ yẹn. Níbi tí wọn ò bá ti mọ ohunkóhun tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó wá a rí, kí wọ́n gbẹ́ ihò láti fi wọn bó ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n gbàwé àṣẹ, kí wọ́n wá owó, kí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta, ọdún mẹ́wàá sí ogún ọdún lè ti kọjá.

Ní 2024, Ṣẹ̀gilọlá mú bíi áúńsì 85,000 jáde, ìyẹn bíi tọ́ọ̀nù 2.6. Fún Ọ̀ṣun, nǹkan ńlá ni. Ṣùgbọ́n nínú tọ́ọ̀nù 3,660 ti gbogbo ayé, kò tó ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún. Bí wọ́n bá ti Ṣẹ̀gilọlá pa lọ́la, ọjà wúrà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní mira.

Ṣé ohun tí mò ń sọ ni pé ibi ìwakùsà ò já mọ́ nǹkan kan? Rárá o. Agbára rẹ̀ wà, àmọ́ ó lọ́ra ni. Ẹ wo ìtàn yìí. Ní 1971, Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú pípààrọ̀ dọ́là fún wúrà ní iye kan pàtó. Owó wúrà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò, títí ó fi dé dọ́là 850 fún áúńsì kan ní oṣù kìíní ọdún 1980. Ní ọdún yẹn, gbogbo ayé ń wa bíi tọ́ọ̀nù 1,200 péré. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ rí owó yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá wúrà kiri. Wọ́n tún rí ọ̀nà láti lo òkúta tí wúrà inú rẹ̀ kéré, èyí tí wọ́n máa ń dà nù tẹ́lẹ̀: wọ́n á kó o jọ bí òkè, wọ́n á máa kán omi sáyánáìdì sórí rẹ̀, omi náà á fa wúrà jáde díẹ̀díẹ̀, á sì ṣàn jáde nísàlẹ̀.

Èso rẹ̀ kò jáde lójú ẹsẹ̀. Ọdún 2000 la rí i dáadáa: wíwà ti ju ìlọ́po méjì lọ, ó ti di bíi tọ́ọ̀nù 2,600. Nígbà yẹn, owó ti já wálẹ̀ tipẹ́. Ní àárín 1999, áúńsì kan kò ju bíi dọ́là 255 lọ. Àwọn ibi ìwakùsà yẹn nìkan kọ́ ló já a wálẹ̀ o, torí àwọn báńkì àpapọ̀ náà ń tà. Ìjọba Bìrìtìkó ta bíi ìlàjì wúrà wọn láàárín 1999 sí 2002, nígbà tí owó rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. Àmọ́ òkúta tí owó 1980 pè jáde wà lára ẹrù tó kún ọjà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló dùn jù. Nítorí owó ti wálẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ gé owó tí wọ́n fi ń wá wúrà tuntun. Nígbà tí owó wá ń gòkè padà láti 2001, kò sí ibi tuntun tó ti ṣe tán. Wíwà ń dínkù títí di 2008, bẹ́ẹ̀ owó ti di ju ìlọ́po mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni àwọn ibi tuntun wá ń ṣí, tí wíwà fi dé bíi tọ́ọ̀nù 3,600 ní 2018, ó sì ti ń rìn lójú kan náà láti ìgbà yẹn. Nítorí náà, wúrà tí wọ́n ń wà lónìí, ìpinnu àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ní bíi ọdún mẹ́wàá sí ogún sẹ́yìn ló bí i.

Àpótí ìyá wa: ẹni tó ń sáré dáhùn

Orísun kejì ni wúrà àtúnyọ́. Ẹ̀gbà, òrùka, yẹtí, tí ẹnì kan tà fún alágbẹ̀dẹ wúrà, tí wọ́n sì yọ́ ọ padà. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo wúrà tó ń wọ ọjà lọ́dún lọ. Nínú rẹ̀, bíi ìdá 90 nínú 100 ló ń wá láti ara ohun ọ̀ṣọ́. Ìdá 10 tó kù ni ti ẹ̀rọ.

Ẹ wo 2023 àti 2024 pọ̀. Owó wúrà ní dọ́là, ní ìpíndọ́gba ọdún, gòkè ní bíi ìdá 23 nínú 100. Wíwà kò tilẹ̀ fi ìdá 1 gòkè. Àtúnyọ́ gòkè ní ìdá 11, ó dé tọ́ọ̀nù 1,370. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn. Òkúta ò gbọ́ tí owó pariwo. Àpótí ìyá wa gbọ́.

Ní tiwa ńkọ́? Nàìjíríà ní ariwo méjì: ti wúrà àti ti náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan jẹ́ bíi náírà 460, áúńsì wúrà sì jẹ́ bíi dọ́là 1,950. Áúńsì kan jẹ́ gíráàmù 31.1. Ẹ ṣírò rẹ̀, gíráàmù kan jẹ́ bíi náírà 29,000. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, dọ́là ti di bíi náírà 1,500, áúńsì ti di bíi dọ́là 2,330. Gíráàmù kan di bíi náírà 112,000.

Ẹ̀gbà màmá méjèèjì jẹ́ gíráàmù 20, kárátì 18. Kárátì 18 túmọ̀ sí pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló jẹ́ wúrà, ìyókù jẹ́ bàbà àti fàdákà tí wọ́n fi dè é kó lè le. Nítorí náà, gíráàmù 15 wúrà gidi ló wà níbẹ̀. Ní 2023, iye rẹ̀ jẹ́ bíi náírà 435,000. Ní 2024, ó jẹ́ bíi náírà 1,680,000. Ṣẹ̀gilọlá kọ́ ló ṣe é, àìtó òkúta kọ́ ló ṣe é. Náírà tó ṣubú ló ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Abájọ tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń rí àwọn ìyá tó ń gbé ìdì aṣọ kékeré wá.

Wúrà tó ń jáde báyìí máa ń rọ owó lójú díẹ̀. Bí owó bá ṣe ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni àpótí púpọ̀ ń ṣí, ìyẹn sì ń dín eré rẹ̀ kù. Àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní 2009, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú rú, àwọn èèyàn ta wúrà àlòkù tó bíi tọ́ọ̀nù 1,700. Ìpíndọ́gba owó ọdún yẹn kò dé dọ́là 1,000. Ní 2024, owó ti ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, síbẹ̀ tọ́ọ̀nù 1,370 ló jáde. Kí ló fà á? Ẹ̀gbà tí màmá bá ti tà ní 2009, kò sí nílé mọ́ láti tà ní 2024. Ẹni tó bá sì rí i pé owó ń gòkè lójoojúmọ́ á sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ ná." Kì í ṣe owó nìkan ló ń ṣí àpótí, ìnira náà ń ṣí i.

Bọ́ọ̀dù: ẹni tí kò gbọ́ dáadáa

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan àdúgbò wa gan-an nìyí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé ẹ̀rọ àlòkù tó wọlé láti òkè òkun tó bíi tọ́ọ̀nù 60,000 lọ́dún, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀ àlòkù tí wọ́n já ní Àpápá àti Tíńkáàn. Èyí tí kò ṣiṣẹ́ tàbí tó bá kú lẹ́yìn náà, ọwọ́ àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ló ń bọ́ sí. Wọ́n á tú u, wọ́n á ya bàbà, irin, áló àti bọ́ọ̀dù sọ́tọ̀. Bọ́ọ̀dù fóònù àti ti kọ̀ǹpútà ló níye lórí. Ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tó máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní wúrà. Ẹ lè fojú rí wúrà náà létí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, níbi tó ń kọ yàlà níbi tí wọ́n ti ń kì í bọ inú ẹ̀rọ.

Mílíọ̀nù kan fóònù ní bíi kílò 24 sí 34 wúrà nínú. Ẹ jẹ́ ká fi sí gíráàmù 0.03 fún fóònù kan. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá fóònù láìsí bátìrì jẹ́ bíi tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn jẹ́ bíi gíráàmù 300 wúrà. Tọ́ọ̀nù kan òkúta Ṣẹ̀gilọlá kò ní ju bíi gíráàmù 4 lọ. Òótọ́ ni àwọn tó ń sọ pé fóònù lọ́rọ̀ ju òkúta lọ. Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn, tí wọ́n wá ní wúrà máa di yẹpẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká parí ìṣirò náà. Kí fóònù tó lè fún wa ní tọ́ọ̀nù 2.6 tí Ṣẹ̀gilọlá ń mú jáde lọ́dún kan, a máa nílò bíi mílíọ̀nù 87 fóònù. Òkúta wà lójú kan, ẹ̀rọ á máa lọ̀ ọ́ tọ̀sán tòru. Fóònù wà káàkiri, ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ rẹ, ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ. Kíkójọ rẹ̀ ni iṣẹ́, kì í ṣe wúrà inú rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló ń ju fóònù nù nítorí pé owó wúrà gòkè? Gíráàmù 0.03 kò lè mú ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí fóònù bá kú ló ń jáde. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà sì mọ̀ pé wúrà wọ́n, nítorí náà wọ́n ń fi í kun bọ́ọ̀dù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́dọọdún, ẹ̀rọ tuntun ń gba bíi tọ́ọ̀nù 270 wúrà wọlé. Èyí tó ń padà jáde láti inú ẹ̀rọ àlòkù jẹ́ bíi ìlàjì rẹ̀. Ẹ̀rọ ń mu wúrà ju bó ṣe ń pọ̀ ọ́ lọ.

Àmọ́ wúrà tí kò lè mi ọjà àgbáyé lè yí ayé ẹnì kan padà ní Ajégúnlẹ̀. Kílò kan fóònù láìsí bátìrì jẹ́ bíi mẹ́wàá, ó ní bíi gíráàmù 0.3. Ní iye àárín 2024, wúrà inú rẹ̀ nìkan tó bíi náírà 33,000, a ò tíì ka bàbà àti fàdákà. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ òkun, iná ìyọ́rin àti èyí tó ń ṣòfò á gé nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wúrà náà di ìlọ́po mẹ́rin ní náírà láàárín ọdún kan. Ìbéèrè mi ni pé: ẹni tó ń ti ọmọlanke, ṣé owó tí wọ́n ń fún un lórí kílò bọ́ọ̀dù náà di ìlọ́po mẹ́rin? Ẹni tí kò mọ iye wúrà tòní kò lè béèrè. Ó wà lórí fóònù wa, ó yẹ ká máa sọ ọ́ fún wọn.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kéèyàn gbọ́ ìṣirò yìí kó wá ra ásíìdì lọ sẹ́yìnkùlé. Ásíìdì ń mú wúrà tó wà lójú bọ́ọ̀dù, púpọ̀ nínú èyí tó wà nínú ṣíìpù máa ń ṣòfò. Èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, omi tó kù ń wọ gọ́tà tí àwọn ọmọdé ń fò kọjá. A ti rí irú rẹ̀ rí: ní Zamfara ní 2010, nígbà tí owó wúrà ń gòkè, wọ́n ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé. Òjé inú òkúta náà pa ju 400 ọmọdé lọ. Ilé iṣẹ́ tó ní iná ńlá àti ẹ̀rọ tó ń sẹ́ èéfín, bí èyí tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló ń yọ bọ́ọ̀dù bó ṣe yẹ. Kí a ya bọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ dáadáa ká sì tà á ní iye tó tọ́, iṣẹ́ wa nìyẹn.

Ohun tí mo sọ fún màmá

Mo padà lọ bá màmá. Mo ní, "Mama, kò sí ibi ìwakùsà tó máa sọ ẹ̀gbà yín di ọ̀pọ̀ lọ́dún yìí. Ti Ọ̀ṣun kéré. Ti fóònù kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ibi tí owó ìsinsìnyí máa ṣí, ọmọ yín á ti gboyè jáde kí wúrà ibẹ̀ tó délé ọjà." Mo tún ní, "Wúrà máa ń wálẹ̀ o. Láti ọdún 1980, ó lé ní ogún ọdún kó tó padà dé dọ́là 850. Ẹ má ta nítorí ìbẹ̀rù, ẹ má sì dì í mú nítorí pé wọ́n ní ó ń tán."

Ó bi mí pé, "Kí n wá ṣe é báwo?"

Mo ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ méjì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀, kí wọ́n yẹ kárátì rẹ̀ wò, kó sì mọ iye gíráàmù tòní kó tó jáde nílé. Ó ta ẹyọ kan, ó san owó ilé ìwé. Ó di ìkejì padà sínú aṣọ.

Ní oṣù kẹwàá 2025, wúrà kọjá dọ́là 4,000 fún áúńsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Màmá pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo rí i. Mo ní mo rí i. Èmi ò sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mi ò ní purọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé níbì kan lágbàáyé, nítorí owó yẹn, wọ́n ti ń gbẹ́ ihò tuntun wá wúrà. Òkúta tó bá jáde níbẹ̀ á dé ọjà ní bíi 2035 tàbí 2045, yálà owó ṣì ga nígbà náà tàbí kò ga mọ́.